Ojú-ewé ẹ̀rí nínú káróséèlì: ibi tó yẹ kó wà àti ohun tó yẹ kó sọ

Ẹni tó ń dá iṣẹ́ ṣe, tó sì ń fi káróséèlì, ìyẹn àwòrán púpọ̀ tó tẹ̀ lé ara wọn nínú àtẹ̀jáde kan, wá oníbàárà lórí Instagram, sábà máa ń lo ọ̀pọ̀ àkókò lórí àwọ̀ àti àkọlé. Àwọn yẹn kò le. Ojú-ewé ẹ̀rí ni iṣẹ́ wà, ìyẹn àwòrán tó ń fi àbájáde iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ oníbàárà hàn, òun náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń bà jẹ́ jù.

Wọ́n á kọ́kọ́ to gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀rí á wá wà lójú-ewé kẹjọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ tó ń wò ó ti bá tiwọn lọ. Bẹ́ẹ̀, bí ẹnì kan bá rí àwòrán àkọ́kọ́ tí kò sì fọwọ́ tì í, Instagram sábà máa ń tún gbé káróséèlì náà wá síwájú rẹ̀ nígbà mìíràn, láti orí àwòrán kejì. Adam Mosseri, olórí Instagram, ti ṣàlàyé èyí ní gbangba. Ìyẹn ni pé ilẹ̀kùn ni ojú-ewé kejì náà, ẹni tí kò rí ti àkọ́kọ́ sì gbọ́dọ̀ lè lóye rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ̀rí wà. Ètò yìí dára gan-an fún oníṣẹ́ kékeré, torí pé ó fún un láyè láti tún ara rẹ̀ ṣàlàyé fún ẹni tó ti kọjá.

Nǹkan méjì ló wà nínú ẹ̀rí: nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ oníbàárà. Bíi ti kóòtù ni. Nọ́ńbà ni ẹ̀síbíìtì, oníbàárà ni ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì yẹ kí àwọn méjèèjì máa sọ. Bí ẹ̀síbíìtì bá ń sọ ti ọjà tó tà, tí ẹlẹ́rìí ń sọ pé oníṣẹ́ náà níwà pẹ̀lẹ́, adájọ́ kò rí nǹkan kan dì mú.

Ká ní ẹnì kan ń ya fọ́tò aṣọ òkè fún oníṣòwò kan ní Ìbàdàn, tó sì ń to ọjà náà sórí WhatsApp fún un. Ní oṣù Kejì, èèyàn 14 ló ra aṣọ láti orí WhatsApp. Ní oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn iṣẹ́ náà, wọ́n di 31. Ohun tó yẹ kó wà lójú-ewé náà nìyẹn gan-an: «14 sí 31, láàárín oṣù mẹ́ta, fọ́tò tuntun àti iye owó lára aṣọ kọ̀ọ̀kan.» Ọ̀pọ̀ á fi «121%» rọ́pò rẹ̀, wọ́n rò pé ìyẹn ló ń dún. Ẹni tó lóye kì í gba ìdá ọgọ́rùn-ún tí kò ní ìpìlẹ̀ gbọ́, torí pé ẹni tó kúrò lórí oníbàárà kan sí mẹ́rin náà lè kọ «300%». Kò tún yẹ kó fi oṣù Kẹwàá wé oṣù Kejìlá, nítorí ìgbéyàwó àti ayẹyẹ òpin ọdún lè ta aṣọ òkè fúnra wọn. Bí oníṣòwò náà bá sì sanwó ìpolówó láàárín àkókò yẹn, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oníbàárà wá gbọ́dọ̀ bá 14 àti 31 lọ. «Ẹ ṣeun, iṣẹ́ yín dáa gan-an» kò jẹ́rìí nǹkan kan. Ìbéèrè tó ń fa ọ̀rọ̀ gidi jáde ni: «Mà, kí ló ń dà yín láàmú kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí ló sì yí padà?» Èsì rẹ̀ lè jẹ́: «Tẹ́lẹ̀, wọ́n á bi mí ní èló, màá dáhùn, wọn ò ní fèsì mọ́. Ní báyìí, aṣọ tí wọ́n ti yàn ni wọ́n ń bá wá.» Ẹlẹ́rìí yìí ń sọ ìdí tí nọ́ńbà fi gòkè.

Kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ oníbàárà kó tó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Bó bá jẹ́ àwòrán ojú fóònù ló fẹ́ lò, kí ó fi àpótí dúdú tó dí pátápátá bo orúkọ àti nọ́ńbà fóònù. Gègé ìfàlà fóònù máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ gbà á kọjá, ẹni tó bá sì fi kún ìmọ́lẹ̀ àwòrán lè ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlà méjì tàbí mẹ́ta ni kí ó gé jáde: lórí àwòrán tó fẹ̀ ní píkísẹ́lì 1080, lẹ́tà tó ga ní 24 á kéré débi pé fóònù á máa fi hàn bíi 8.

Ìbéèrè tó ń wọlé ló ń fi hàn bóyá ojú-ewé náà ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ń bi í pé «kí lẹ ń ṣe gan-an?», ẹ̀rí kò tíì dá dúró. Bí wọ́n bá ń sọ pé «bàtà ni èmi ń tà, ṣé ẹ lè ṣe irú èyí fún mi?», ó ti wọlé.