Bí pósìtì ọjọ́ ìbí pátínà bísínẹ̀ẹ̀sì ṣe ń wọni lára láìtú àṣírí ṣọ́ọ̀bù

Pósìtì tí èèyàn kọ sórí Facebook fún ọjọ́ ìbí pátínà bísínẹ̀ẹ̀sì ẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ọ̀rẹ́ tàbí ti ọkọ ẹni, torí olọ́jọ́ ìbí nìkan kọ́ ló ń kà á. Kọ́sítọ́mà ń kà á, ẹni tó ń kó ọjà fún wọn ń kà á, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ń kà á (òun gan-an ló máa ń kọ́kọ́ rí i), àwọn àna pátínà náà sì wà níbẹ̀, wọ́n á kà á tán wọn ò ní kọ kọ́mẹ́ǹtì kankan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń sá sábẹ́ "ẹ kú ọjọ́ ìbí, ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ ẹ̀." Àdúrà tó dáa ni, àmín o, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yọ orúkọ pátínà kúrò tí wọ́n fi ti lánlọ́ọ̀dù síbẹ̀, kò sí nǹkan tó yí padà.

Ohun tó ń mú un wọni lára ni nǹkan kékeré kan tí olọ́jọ́ ìbí á rí tí á ní "háà, o máa ń rí ìyẹn?", tí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí náà á sì lóye ẹ̀ láìbéèrè. Ẹyọ kan péré. Kì í sì í sábà wà nínú "ó níwà, ó ní sùúrù", inú iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló wà, ohun tó máa ń ṣe lójoojúmọ́ tí òun fúnra ẹ̀ ò kà sí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin méjì tó ń ṣe àdìrẹ l'Abẹ́òkúta, ẹ̀gbọ́n ló ń rẹ aṣọ láró, àbúrò ló ń tà á lórí fóònù. Àbúrò kọ ti àkọ́kọ́ báyìí pé: "Àǹtí mi, ẹ rántí ọjọ́ tí aró aṣọ ìyàwó yẹn ṣí tí wọ́n fẹ́ fi ọlọ́pàá kó wa, tí a ò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, Ọlọ́run ò jẹ́ ká tẹ́." Ẹ̀rín ni láàárín àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tí kọ́sítọ́mà kà níbẹ̀ ni pé aṣọ wọn máa ń ṣí, ìyàwó ọjọ́sí á rí ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ níta, olówó wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ó wá pa á rẹ́, ó kọ òmíì:

"Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù bí èèyàn ṣe ń wò ó. Èmi máa ń fẹ́ yára tì í padà. Àǹtí mi kì í dá mi lóhùn, wọ́n á na ọwọ́ tó ti búlúù dé ọrùn ọwọ́, wọ́n á dì mí mú, a ó jọ máa wò ó. Ẹ kú ọjọ́ ìbí mà."

Kò sí owó níbẹ̀, kò sí ìjà, kò sí ẹlòmíì, síbẹ̀ kò ṣeé fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mìíràn. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ sì ti mọ̀ pé ẹni tó ń rẹ̀ ẹ́ mọṣẹ́, láìsí pé wọ́n polówó.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló níṣẹ́ jù, torí Facebook máa ń gé ọ̀rọ̀ gígùn sí "See more", ọ̀pọ̀ ò sì ní tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ "lónìí ọjọ́ ńlá ni" ló wà lókè, ibẹ̀ ló parí sí.

Tó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ló jọ ń ṣe bísínẹ̀ẹ̀sì, "olólùfẹ́ mi" á dá wàhálà sílẹ̀ nílé ẹlòmíì, kódà tó bá jẹ́ eré. Oríkì máa ń dùn gan-an, Àbẹ̀kẹ́, Àjàní, àmọ́ àwọn kan ò fẹ́ kí kọ́sítọ́mà máa fi pè wọ́n, kí èèyàn kọ́kọ́ bi wọ́n. Ẹni tí wọ́n ń pè ní "ẹ" ní ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ di "ìwọ" níta. Ọdún tí wọ́n bí i kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá, torí ọjọ́, oṣù àti ọdún ìbí wà lára ohun tí báńkì fi ń dá èèyàn mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni oníjìbìtì ò ní ju ìyẹn nù. Fọ́tò náà, kí wọ́n sún un tóbi kí wọ́n wo ẹ̀yìn: ìwé gbèsè tó wà lára ògiri máa ń hàn ju ojú olọ́jọ́ ìbí lọ.

Kọ́mẹ́ǹtì ló máa ń fi hàn bóyá ó ṣiṣẹ́. Tí gbogbo ẹ̀ bá jẹ́ "HBD" lásán, wọn ò kà á. Tí ẹnì kan bá bèèrè pé "ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mélòó ni búlúù yẹn fi ń kúrò lọ́wọ́?", ó ti kà á dé ìsàlẹ̀.