Òṣùwọ̀n kan kò tó: bí nọ́ńbà bíìtì 8 ṣe wọ inú kámẹ́rà kékeré

Àwòṣe tí wọ́n ti kọ́ láti máa dá nǹkan mọ̀ nínú àwòrán kún fún nọ́ńbà oní-dẹ́símà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba bíìtì 32. Kọ̀ǹpútà ńlá lè gbé e. Ṣíípù kékeré tó ń lo bátìrì ni kò lè gbé e, nítorí bí kámẹ́rà bá ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 33 péré ló ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ àwọn nọ́ńbà náà di odidi nọ́ńbà bíìtì 8. Lọ́dún 2014, Mark Horowitz ti Yunifásítì Stanford fi hàn pé, lórí ṣíípù ìgbà náà, agbára tí ìsọdipúpọ̀ nọ́ńbà oní-dẹ́símà bíìtì 32 ń jẹ tó ìlọ́po 18 ti odidi nọ́ńbà bíìtì 8.

Kì í ṣe ojú nìkan ló jẹ àǹfààní yìí, etí náà jẹ nínú rẹ̀. Lọ́dún 2011, Vincent Vanhoucke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Google ti lo bíìtì 8 láti mú kí àwòṣe tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yára lórí kọ̀ǹpútà lásán. Ní ti ojú, ọdún 2017 ni MobileNet jáde, àwòṣe tí wọ́n dìídì ṣe fún fóònù. Ní òpin ọdún yẹn kan náà, Benoit Jacob àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà tí a ṣì ń lò dòní jáde:

```
r = S * (q - Z)
```

`r` ni nọ́ńbà gidi, `q` ni odidi nọ́ńbà tí a fi rọ́pò rẹ̀, `S` ni òṣùwọ̀n, `Z` sì ni odidi nọ́ńbà tó dúró fún òdo. `Z` ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Òdo ni wọ́n máa ń tẹ́ yí etí àwòrán ká; bí òdo kò bá bọ́ sí ojú ẹ̀ gẹ́lẹ́, gbogbo etí àwòrán ni àṣìṣe yóò ti máa wọlé.

Ipele-ipele ni àwòṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀, ohun tó jáde nínú ọ̀kan ló ń wọ èkejì; òṣùwọ̀n kan fún odindi ipele kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Ní 2018, Raghuraman Krishnamoorthi ṣe ìdánwò rẹ̀ lórí MobileNet tí wọ́n ti kọ́ tán, láìtún un kọ́: ìdáhùn tó tọ̀nà já láti ìdá 70.9 nínú ọgọ́rùn-ún sí 0.1. Oríṣi nǹkan 1000 ni àwòṣe náà ń yàn láàárín wọn, nítorí náà 0.1 kò yàtọ̀ sí pé kí ènìyàn dijú kó máa mú èyí tó bá rí.

Ohun tó fà á wà nínú bí MobileNet ṣe rí. Ó ní àwọn ipele tí asẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà kékeré tí wọ́n fi ń yẹ àwòrán wò, ti ń wo àwẹ́ kan ṣoṣo nínú ohun tó wọlé. Kí wọ́n tó sọ nọ́ńbà di odidi, wọ́n máa ń pọ ìmúdọ́gba tí wọ́n lò nígbà ẹ̀kọ́ mọ́ asẹ́, ìyẹn ni pé wọ́n á fi bí ohun tó jáde ṣe ń yàtọ̀ síra tó pín nọ́ńbà asẹ́ náà. Àwẹ́ tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá ní ìyàtọ̀ tín-ín-rín, fífi ìyàtọ̀ náà pín nọ́ńbà asẹ́ sì ń sọ ọ́ di ràbàtà.

Ẹ jẹ́ ká mú asẹ́ méjì nínú irú ipele bẹ́ẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà 9. Nọ́ńbà tó tóbi jù nínú ti àkọ́kọ́ jẹ́ 25.4; nínú ti kejì, 0.09 ni. Bí àwọn méjèèjì bá ń pín òṣùwọ̀n kan lò, 25.4 pín sí 127, odidi nọ́ńbà tó ga jù tí bíìtì 8 tó ní àmì lè gbà, jẹ́ 0.2. Ẹ wá fi 0.2 wọn 0.09: 0.45 ni, tó máa di òdo. Èyí tó tóbi jù ló di òdo yẹn, kí wá ni ti àwọn 8 yòókù? Asẹ́ kejì ti kú pátápátá, kò sì sí àmì àṣìṣe kankan tó yọ lójú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fún un ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, nǹkan bíi 0.0007, 0.09 yóò di 127, 0.05 yóò sì di 71. Asẹ́ náà jí.

Bí òṣùwọ̀n fún asẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí asẹ́ kọ̀ọ̀kan ní `S` àti `Z` tirẹ̀, MobileNet gòkè padà sí 70.3. Nígbà tí `Z` gbogbo wọn dúró lórí òdo, 59.1 ló dé. Síbẹ̀, èyí kejì ni TensorFlow Lite, irinṣẹ́ Google fún àwòṣe orí fóònù àti ṣíípù kékeré, yàn fún asẹ́, nítorí `Z` tí kì í ṣe òdo ń fi ìṣirò kún ìṣirò lórí ṣíípù. Ohun tó sọnù, kíkọ́ àwòṣe náà sí i pẹ̀lú àfarawé bíìtì 8 lè dá a padà. Ó gbé e dé 70.7. Èmi gbà pé ìpinnu náà tọ́, torí ẹ̀ẹ̀kan ni a ń kọ́ àwòṣe, ṣùgbọ́n gbogbo àwòrán ni kámẹ́rà máa ṣírò.

Ohun tó ń jáde láti ipele kan sí èkejì kò rí irú àǹfààní yìí gbà. Òṣùwọ̀n asẹ́ kan náà ló kan gbogbo àròpọ̀ rẹ̀, nítorí náà a lè fi sílẹ̀ dé ìparí kí a tó lò ó. Bí àwẹ́ kọ̀ọ̀kan tó wọlé bá ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, àárín ìròpọ̀ gan-an la ti máa lò ó, eré ti bàjẹ́ nìyẹn. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún un, àwọn àwòrán àpẹẹrẹ tí a bá fi hàn án ló sì ń pinnu rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwòrán ilẹ̀ ṣíṣú nìkan la fi hàn án, nọ́ńbà tó bá ga ju ààlà rẹ̀ lọ́sàn-án gangan yóò rún pọ̀ sí 127. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó ti bàjẹ́, kó fi àwòrán kan náà sínú àwòṣe méjèèjì, ti dẹ́símà àti ti odidi, kó sì wo ohun tó jáde ní ipele kọ̀ọ̀kan, láti àkọ́kọ́ lọ, títí yóò fi dé ibi tí wọ́n ti yapa lójijì.