Bí a ṣe ń bọ́ àmì lára ọ̀rọ̀ fún atọ́ka ìwárí, tí àkọtọ́ kò sì bàjẹ́

Ẹni tó ń wá nǹkan lórí fóònù kì í sábà fi àmì sí ohun tó ń tẹ̀. Á tẹ “oko”, bẹ́ẹ̀ “ọkọ̀” ló ní lọ́kàn. Ìwé tó ń wá sì kọ “ọkọ̀” bó ti yẹ, àti àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára wọn tan, nítorí náà á dáhùn pé kò sí ohun tó jọ ọ́.

Ó lè wá sọ́kàn ẹni tó ni àpamọ́ ìwé náà pé kí òun kúkú yọ gbogbo àmì dànù. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dán an wò. Tí gbólóhùn kan bá ti di “Oko re ti de”, kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ mọ́ bóyá ọkọ ni tàbí ọkọ̀, bóyá tìrẹ ni tàbí ti ẹlòmíràn. Àmì tí a bá yọ kúrò kò ṣeé dá padà. Ẹ̀dà méjì ló yẹ kí a ní. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀dà ìfihàn, èyí tí a tọ́jú gẹ́lẹ́ bí òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́. Èkejì ni ẹ̀dà ìwárí, tí a ti bọ́ àmì lára rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í fojú rí. Inú ẹ̀dà ìwárí ni atọ́ka ti ń wá ọ̀rọ̀. Tó bá rí i, ẹ̀dà ìfihàn ló ń gbé jáde.

Bíbọ́ àmì náà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, ohun tó sì fà á ni pé ọ̀nà tí a ń gbà tọ́jú lẹ́tà Yorùbá nínú kọ̀ǹpútà ju ẹyọ kan lọ. Yúníkóòdù fún “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, ó sì fún “é” náà ní tirẹ̀, U+00E9. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún “ẹ́” tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ “ẹ” kó tó fi àmì òkè, U+0301, tẹ̀ lé e. Òmíràn lè kọ “é” kó tó fi àmì tó-tò-tó ìsàlẹ̀, U+0323, tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta lè bẹ̀rẹ̀ láti orí “e” lásán, kó sì to àmì méjèèjì lé e lórí. Àwọn kan ò tiẹ̀ lo àmì tó-tò-tó rárá. Ìlà kékeré tó dúró gbọọrọ, U+0329, ni wọ́n ń fi sábẹ́ lẹ́tà. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú ẹ̀rọ, mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú lẹ́tà ká kí a tó bọ́ ohunkóhun. Ìlànà Yúníkóòdù tí wọ́n ń pè ní NFD ló ń ṣe iṣẹ́ yìí: ó ń ya ìpìlẹ̀ lẹ́tà sọ́tọ̀, ó sì ń to àmì rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tó bá ti tú ká, àmì kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó sì wà ní ẹgbẹ́ tí Yúníkóòdù ń pè ní Mn. Gbogbo ohun tó bá wà ní ẹgbẹ́ yẹn la ó fò dá. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ẹ̀dà ìwárí.

Ẹni tó bá fo ìtúká yìí yóò rí àbùkù rẹ̀ kíákíá. Ọ̀nà àbùjá kan wà tó wọ́pọ̀, `encode("ascii", "ignore")`, tó ń ju gbogbo ohun tí kì í ṣe lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán nù. Tí a bá lò ó láìtú lẹ́tà ká, “ẹ̀kọ́” yóò di “k”, “ọjọ́” yóò sì di “j”, nítorí pé “ẹ” àti “ọ” lódindi ló bá àmì wọn lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá yẹ atọ́ka wò, tí ẹ sì rí kọ́ńsónáǹtì tó ń dá rìn káàkiri, ẹ ti mọ ibi tó ti yẹ̀.

Ọ̀ràn tó tún le ju bíbọ́ àmì lọ ni kíkùn ọ̀dà sí ọ̀rọ̀ tí a rí, ìyẹn ìgbà tí ojú-ìwé èsì bá fẹ́ fi àwọ̀ hàn wá pé ibí ni ọ̀rọ̀ tí a wá wà. Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn kan: “Ọkọ̀ náà dé.” Nínú ẹ̀dà ìfihàn, tí a bá ń ka ipò láti òdo, Ọ wà ní 0, k ní 1, ọ ní 2, àmì ohùn rẹ̀ ní 3, àlàfo ní 4, “náà” sì gba 5 títí dé 7. Nínú ẹ̀dà ìwárí, “oko naa de.”, àmì ohùn yẹn kò sí mọ́, nítorí náà “naa” ti sún síwájú: 4 títí dé 6 ló wà. Tí ètò bá gbé 4 sí 6 lọ kun ẹ̀dà ìfihàn, àlàfo àti “ná” ni yóò kùn, “à” tó kẹ́yìn yóò sì ṣẹ́kù. Ìyẹn jẹ́ ipò kan péré nínú gbólóhùn kúkurú. Nínú àpilẹ̀kọ gígùn, bí àmì ṣe ń pọ̀ ni ọ̀dà ń jìnnà sí ọ̀rọ̀, títí yóò fi máa kun ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Òǹkàwé tó bá rí i pé àwọ̀ náà tọ́ lókè ojú-ìwé, tó sì ń yẹ̀ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, àìsàn yìí gan-an ló rí.

Ojútùú rẹ̀ ni pé, bí a ṣe ń bọ́ àmì, kí a máa kọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti wá sílẹ̀:

```python
import unicodedata as u

def bo(oro):
    leta, ipo = [], []
    for i, c in enumerate(oro):
        for d in u.normalize("NFD", c.casefold()):
            if u.category(d) != "Mn":
                leta.append(d)
                ipo.append(i)
    ipo.append(len(oro))
    return "".join(leta), ipo
```

Fún gbólóhùn wa, àkọsílẹ̀ `ipo` yóò bẹ̀rẹ̀ báyìí: 0, 1, 2, 4, 5, 6, 7. Ẹ ṣàkíyèsí pé 3 kò sí níbẹ̀, nítorí pé àmì ohùn ló wà ní ipò yẹn. Tí a bá wá “oko”, a rí i ní 0 sí 2 nínú ẹ̀dà ìwárí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dà ni `ipo[0]`, ìyẹn 0. Òpin rẹ̀ kì í ṣe ipò lẹ́tà tó kẹ́yìn, bí kò ṣe ibi tí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ti bẹ̀rẹ̀: `ipo[3]`, ìyẹn 4. A ó kùn títí dé ẹnu 4, a kò ní kan 4 fúnra rẹ̀. Tí a bá dúró lẹ́yìn 2, a ti ya “ọ” kúrò lára àmì rẹ̀, àmì náà yóò sì lọ rọ̀ mọ́ ohun mìíràn lójú ìwé. Nítorí òfin yìí ni ìlà tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn nínú kóòdù yẹn fi wà: ó ń fún lẹ́tà ìkẹyìn gan-an ní òpin tirẹ̀.

Ní báyìí, ẹni tó tẹ “oko” yóò rí ohun tó ń wá, àmọ́ yóò tún rí ohun púpọ̀ mìíràn. Ká ní gbólóhùn mẹ́rin ló wà nínú àpamọ́: “Ọkọ̀ náà ti kún”, “Ọkọ rẹ̀ ti dé”, “Bàbá ti lọ sí oko” àti “Ó gbé ọkọ́ lé èjìká”. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò jáde, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ láìfi àmì sí i kò tíì sọ èyí tó fẹ́. Ẹni tó tẹ “ọkọ” ńkọ́? Òun ti sọ ohun kan: kì í ṣe oko tí àgbẹ̀ ń lọ. “Ẹ”, “ọ” àti “ṣ” kì í kúkú ṣe “e”, “o” àti “s” tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Lẹ́tà tó dá dúró nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa ni wọ́n.

Nítorí náà ó yẹ kí ẹ̀dà ìwárí kejì wà, èyí tó bọ́ àmì ohùn nìkan, tó fi àmì ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Nínú rẹ̀, a ó kọ́kọ́ sọ U+0329 di U+0323, a ó tú lẹ́tà ká, a ó sì yọ U+0300, U+0301 àti U+0304, tí àwọn kan ń fi ṣe àmì ohùn àárín. Ẹ̀dà tí a bọ́ pátápátá ló ń pinnu ẹni tó wọlé. Ẹ̀dà kejì yìí àti àkọtọ́ gan-an ló ń pinnu ẹni tó jókòó síwájú. Fún “ọkọ”, gbólóhùn ti oko yóò lọ sẹ́yìn pátápátá. Fún “ọkọ̀”, èyí tó sọ̀rọ̀ ọkọ̀ yóò ṣíwájú, ti ọkọ àti ti ọkọ́ yóò tẹ̀ lé e, ti oko yóò kẹ́yìn. Kò dáa kí a lé ti oko jáde, nítorí pé nínú àpamọ́ kan náà ẹlòmíràn lè ti kọ “oko” fún ọkọ̀ láìfi àmì sí i.

Ibì kan wà tí gbogbo ètò yìí kò lè kọjá. Ohùn àárín kì í sábà gba àmì. “Ọkọ” tí ẹnì kan tẹ̀ lè jẹ́ ọkọ ìyàwó tí a kọ pé pérépéré, ó sì lè jẹ́ ọkọ̀ tí a kò fi àmì ohùn sí. Ó sàn kí a má ka àìsí àmì sí ẹ̀rí, àyàfi tí ọ̀rọ̀ mìíràn nínú ìbéèrè kan náà bá ní àmì ohùn. Ẹni tó tẹ “ọkọ rẹ̀” ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. A lè gbà pé ọkọ ló pe ọkọ.

Àwọn lẹ́tà kan wà tí NFD kò lè tú ká. Àkọtọ́ Yorùbá ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń lo “ɔ” àti “ɛ” níbi tí a ti ń kọ “ọ” àti “ẹ” ní Nàìjíríà. Lẹ́tà wọ̀nyí kò ní àmì kankan lára, nítorí náà kò sí ohun tí a ó bọ́. A gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ètò pé “ɔ” di “o”, “ɛ” sì di “e”. Bákan náà ni “sh” di “s”, kí ẹni tó tẹ “Oshogbo” lè bá “Òṣogbo” pàdé.

Àkọtọ́ tó ṣáájú ti 1974 tún gbé òmíràn wá. Wọ́n máa ń kọ “ãfin” fún “ààfin”, tí àmì orí “a” dúró fún fáwẹ̀lì méjì. Tí a bá kàn bọ́ ọ, “afin” la ó ní, kò sì ní bá “aafin” dọ́gba láé. Nínú ìwé bẹ́ẹ̀, àmì orí yẹn, U+0303, kò yẹ kó di òfo. Lẹ́tà tó wà níwájú rẹ̀ ló yẹ kó tún kọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n tí ìwé kan náà bá dárúkọ ìlú São Paulo, òfin yẹn yóò sọ ọ́ di “saao paulo”, ẹni tó bá tẹ “sao” kò sì ní rí i. Fún ìdí yìí, ọ̀rọ̀ tó bá ní U+0303 ni ó yẹ kó wọ atọ́ka lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú fáwẹ̀lì kan, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú méjì.

Ohun tí òǹwárí tẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gba inú ètò kan náà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ atọ́ka. Bí a bá fi òfin “sh” kún ètò lónìí, tí a kò sì tún atọ́ka kọ, “Oshogbo” tí ó wọlé lánàá ṣì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí “oshogbo”, ìbéèrè òní sì ti di “osogbo”. Ìwé àná ò ní jáde mọ́, ìwé tuntun yóò sì máa jáde dáadáa. Tí a bá rí i pé ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí àpamọ́ nìkan ni ìwárí ń rí, atọ́ka la ó tún kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, láti inú ẹ̀dà ìfihàn tí a kò fọwọ́ kàn.