Kóńgò Gàrì Mẹ́wàá àti Gbèsè Dọ́là

Ẹni tó yá kóńgò gàrì mẹ́wàá lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀ kò jẹ gbèsè owó, gbèsè gàrì ló jẹ. Bí gàrì bá gbówó lórí kó tó dá a padà, gbèsè rẹ̀ ti wú, bẹ́ẹ̀ kóńgò ò kúrò ní mẹ́wàá. Bí gbèsè dọ́là ṣe rí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń fi náírà ṣírò nìyẹn.

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan n'Ìbàdàn yá $100,000 láàárín ọdún 2022 láti fi ra ẹ̀rọ, nígbà tí dọ́là jẹ́ nǹkan bí ₦420. Mílíọ̀nù 42 náírà ló wọ ìwé. Nígbà tí ọdún fi parí, dọ́là ti tó ₦461, gbèsè di mílíọ̀nù 46.1, mílíọ̀nù 4.1 tó lé sì di àdánù ọdún yẹn. Lóṣù kẹfà ọdún 2023 ni Báǹkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Nígbà tí oṣù kejìlá fi máa parí, dọ́là ti dé nǹkan bí ₦907: gbèsè di mílíọ̀nù 90.7.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọ́n á yọ 42 kúrò lára 90.7, wọ́n á kọ 48.7 sílẹ̀ bí àdánù 2023, láìrántí pé 4.1 ti wà nínú ìwé èṣí. Iye tí gbèsè jẹ́ lópin ọdún tó kọjá la fi ń wọn àdánù ọdún, kì í ṣe ti ọjọ́ tí a yá a. Àdánù 2023 jẹ́ 44.6. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kó ro àdánù ọdún méjèèjì pọ̀: bí kò bá tíì sí ohun tí wọ́n san lára gbèsè náà, 48.7 ló gbọ́dọ̀ jẹ́.

"Ṣebí a ò tíì san kọ́bọ̀, àdánù wo lẹ ń sọ?" Gbólóhùn yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ọ̀gá. Lóòótọ́, owó kò jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá iye náà padà sórí èrè nínú ìwé tó ń tọpa owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí àwọn san gbèsè náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mílíọ̀nù 90.7 ni wọn yóò kà sílẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n rà ńkọ́? Iye tí wọ́n rà á ló ṣì wà nínú ìwé, tí wọ́n kàn ń yọ gbígbó rẹ̀ kúrò lọ́dọọdún. IAS 21, ìlànà ìṣírò àgbáyé lórí owó ilẹ̀ òkèèrè, ò ka ẹ̀rọ mọ́ ohun tí a ó gba tàbí san iye owó kan pàtó lé lórí, nítorí náà a kì í tún un ṣírò bí dọ́là ṣe ń yí. Ó mọ́gbọ́n dání, àmọ́ ojú kan ló fi ń wo ọ̀rọ̀: gbèsè ń ga, ẹ̀rọ tó bí gbèsè dúró sójú kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú rẹ̀ ti wọ́n gógó lọ́jà.

Lópin 2024, dọ́là dé nǹkan bí ₦1,535. Gbèsè di mílíọ̀nù 153.5. Ká wá ní wọ́n san án tán lọ́dún 2025, lọ́jọ́ tí dọ́là jẹ́ ₦1,500. Mílíọ̀nù 150 jáde ní báǹkì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìwé ọdún náà sì kọ ọ́ pé wọ́n jèrè mílíọ̀nù 3.5.