ND tí wọ́n kọ síwájú òjé ò sọ pé kò sí òjé nínú omi kàǹga yín

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú tipẹ́. Ẹnìkan á gbé omi kàǹga ẹ̀ lọ sí láàbù níbí ní Àkúrẹ́, ìwé èsì á jáde, ìlà òjé ló máa kọ́kọ́ wò, tó bá ti rí ND, ìyẹn Not Detected, níbẹ̀ ara ẹ̀ á balẹ̀ wẹ́lẹ́, á ní ẹ wò ó, kò sí òjé níbẹ̀ rárá. Láńlọ́ọ̀dù á fi ìwé náà han ayálégbé tuntun. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ 0.000 sínú iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀, á tún fi òdo yẹn ṣírò pẹ̀lú àwọn èsì yòókù, kó tó sọ pé omi àdúgbò yìí dáa. Gbogbo wa la mọ ohun tí òjé ń ṣe fún ọpọlọ ọmọdé, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. ND yẹn gan-an ni mo bá wá.

Ohun tí ND ń sọ ò ju pé "a ò rí i" lọ. Ẹni tó dúró sáàárín Ọjà Ọba lọ́sàn-án gangan tó ní òun ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ariwo ọjà ló ń ròyìn fún wa, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀lé ND ni pé: ó kéré tán, òjé náà gbọ́dọ̀ tó mélòó kí ẹ tó lè rí i? Iye yẹn ni mo máa pè ní ààlà ìrí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé èsì tí wọ́n kọ ND sí láìkọ ààlà ìrí sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Ẹ wá wo ibi tó ti le. Sìtáńdáàdì omi mímu Nàìjíríà, ìyẹn NIS 554, ní òjé ò gbọ́dọ̀ ju 0.01 mg/L lọ, iye kan náà ni WHO fi lélẹ̀. Ìyẹn ni ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílígíráàmù nínú lítà omi kan. Ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ láàbù wa sì fi ń wá òjé ni AAS oníná: wọ́n á fọ́n omi náà wọ inú iná gáàsì asẹ́tílìnì àti afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ láti inú gílóòbù òjé á gba inú iná yẹn kọjá, ẹ̀rọ á wo iye ìmọ́lẹ̀ tí òjé gbà sára. Ẹ̀rọ tó dáa ni, àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ òjé, nítòsí 0.01 yẹn ni agbára iná ń parí sí, lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan bá tiẹ̀ lọ dáadáa. Síbẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ẹ̀ lè kọ 0.003 gàdàgbà, torí wọ́n ti ṣe é kó máa kọ nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn àmì ìdá. Pé nọ́ńbà jáde lójú ẹ̀rọ ò sọ pé òjé ló gbé e jáde.

Tẹ́ ẹ bá wá béèrè ààlà ìrí lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ṣí ìwé tó bá ẹ̀rọ wá, wọ́n á ní òun nìyí. Èyí ni mo fẹ́ ká jókòó tì, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, mo sì ti rí i pé àwọn tó kàwé gan-an kì í fẹ́ gbà.

Nọ́ńbà inú ìwé yẹn, omi mímọ́ tí wọ́n fi ásíìdì díẹ̀ sí ni wọ́n fi wá a, inú ìgò kan ṣoṣo, wọ́n kà á léraléra láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n dán wò. Omi kàǹga yín ò gba ọ̀nà yẹn. Inú jálá kan ló kọ́kọ́ wọ̀, wọ́n da náítíríìkì ásíìdì sí i, ó wọ bíkà, wọ́n gbé e ka iná kó gbóná, wọ́n fi pépà sẹ́ ẹ, wọ́n dà á sínú ìgò míì, wọ́n fi omi kún un dé ojú àmì, kó tó dé iwájú ẹ̀rọ. Ásíìdì náà ní òjé tíńtín tiẹ̀. Bíkà tí wọ́n fi wo omi bátìrì lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí wọn ò rẹ sínú ásíìdì kí wọ́n tó tún un lò, òjé wà lára ẹ̀. Eruku títì ń wọlé látojú fèrèsé. Iye tí gbogbo èyí ń dá sílẹ̀ ò dọ́gba láti bíkà kan sí èkejì, àìdọ́gba yẹn gan-an ló sì ń pinnu ààlà ìrí.

Ìdí nìyẹn tí òfìfo tá a máa fi ṣírò ẹ̀, ìyẹn omi mímọ́ tá ò fi òjé kankan sí, tí àwọn ará láàbù ń pè ní búláǹkì, fi gbọ́dọ̀ gba gbogbo ọ̀nà yẹn bíi sáńpù gan-an, látorí jálá dórí pépà asẹ́. Kó sì jẹ́ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí iná mànàmáná tòní ò rí bíi tàná, gílóòbù lè má tíì gbóná tó, ihò tó ń fọ́n omi sínú iná lè ti dí díẹ̀.

Ká ṣe àpẹẹrẹ kan. Ká ní wọ́n ka búláǹkì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra, ìtànká èsì náà, ìyẹn bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn tó, wá jẹ́ 0.004. Ìṣirò tó wọ́pọ̀ ni ká fi mẹ́ta sọ ọ́ di púpọ̀, á jẹ́ 0.012. Wọ́n á ní àwọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí sìtáńdáàdì wà. Ẹ wá jẹ́ kí búláǹkì mẹ́wàá gba gbogbo ọ̀nà náà lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n fún wa ní 0.021, 0.008, 0.035, 0.012, 0.004, 0.029, 0.017, 0.041, 0.010 àti 0.023. Ìpíndọ́gba wọn, tí wọ́n á yọ kúrò nínú èsì sáńpù, jẹ́ 0.020, ìtànká wọn jẹ́ 0.012. Tá a bá fi mẹ́ta sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 0.036. Ẹ̀rọ kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà, àmọ́ ààlà ìrí ti di ìlọ́po mẹ́ta. Láàbù yìí lè kọ ND síwájú omi tí òjé inú ẹ̀ jẹ́ 0.03, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta ohun tí sìtáńdáàdì gbà láàyè, wọn ò sì parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mi ò kàn dédé fọwọ́ sọ ọ́. Àjọ EPA tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà náà, sáńpù méje tí wọ́n fi òjé díẹ̀ sí ni wọ́n máa ń ní kí láàbù fi ṣírò tẹ́lẹ̀, nígbà tó di 2017 wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n ní kí láàbù ka búláǹkì tó gba gbogbo ọ̀nà mọ́ ọn, kó má sì jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́ tí ojú kì í rí: ẹ̀rọ lè kọ −0.006 fún búláǹkì, òṣìṣẹ́ á ní kò sí bí òjé ṣe lè dín sí òdo, á yí i sí 0.000. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti gé ìdajì ìtànká náà sọnù, ààlà ìrí á sì kéré lórí ìwé nìkan. Ẹ fi àmì yíyọ yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà.

Kódà 0.036 yẹn ò lágbára tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Tí omi kan bá ní òjé tó jẹ́ 0.036 gẹ́lẹ́, tá a dán an wò léraléra, bíi ìdajì èsì á bọ́ sábẹ́ ìlà, ìdajì á bọ́ sókè, tó fi hàn pé bí ẹni ta owó ẹyọ sókè ni ND rí níbẹ̀. Kẹ́míìsì ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Lloyd Currie ti ṣàlàyé èyí láti 1968: ìlà tá a fi ń sọ pé "a rí i" yàtọ̀ sí iye tí ọkàn wa lè balẹ̀ pé a máa rí tó bá wà níbẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, àfi tí òjé bá tó bíi 0.06 kí ó tó ṣòro fún un láti sá mọ́ wa lọ́wọ́.

Bákan náà lọ̀rọ̀ àìdánilójú rí, ìyẹn nọ́ńbà tó máa ń tẹ̀lé àmì ±. Láàbù á dán omi tó ní 0.5 mg/L wò, wọ́n á rí i pé èsì ń yẹ̀ ní pásẹ́ńtì mẹ́jọ, wọ́n á wá gbé pásẹ́ńtì mẹ́jọ yẹn lé gbogbo èsì lórí, títí kan omi tó ní 0.05, wọ́n á kọ 0.05 ± 0.004. Nọ́ńbà yẹn rẹwà, ṣùgbọ́n kò lè rí bẹ́ẹ̀. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, àìdọ́gba búláǹkì ò bìkítà fún pásẹ́ńtì, ó wà níbẹ̀ bóyá òjé pọ̀ ni o tàbí ó kéré. Ìtànká 0.012 lọ́nà méjì jẹ́ 0.024, nítorí náà ó kéré tán ó yẹ kó jẹ́ 0.05 ± 0.024, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì èsì fúnra ẹ̀. Mi ò tíì ka ti òjé tó ń lẹ̀ mọ́ ara bíkà tí kò sì dé iwájú ẹ̀rọ mọ́ ọn o.

Ṣé a ò lè fi iná rí 0.01 láéláé ni? A lè gbìyànjú. Wọ́n máa ń fi ásíìdì sínú 500 mL omi, wọ́n á rọra gbẹ ẹ́ títí á fi ku 25 mL, òjé inú ẹ̀ á ki ní ìlọ́po ogún. Èèyàn á wá fi ogún pín 0.036, á ní ààlà òun ti di 0.0018. Ṣùgbọ́n ṣé ó gbẹ búláǹkì náà bẹ́ẹ̀? Tó bá gbẹ ẹ́, ohun tó wà nínú ásíìdì àti eruku wákàtí gígùn yẹn á ki pẹ̀lú. Ká ní ìtànká búláǹkì gbígbẹ di 0.030, lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 0.090, ká fi ogún pín in, 0.0045 ló jẹ́. Ìyẹn ti dáa, ó ti wà lábẹ́ 0.01. Àmọ́ láti sọ iye pàtó, ìtànká lọ́nà mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń lò, ìyẹn jẹ́ 0.015. Nítorí náà láàbù yìí lè sọ pé òjé wà nínú omi tó ní 0.01, kò kàn lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó kọjá sìtáńdáàdì tàbí kò kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú, AAS tó ń lo ìléru gíráfáìtì dípò iná lè ràn án lọ́wọ́, ó kan wọ́n ni.

Gbogbo nọ́ńbà yìí lè yàtọ̀ láti láàbù kan sí òmíì, àwọn kan wà tí búláǹkì wọn mọ́ ju tinú àpẹẹrẹ mi lọ dáadáa, mi ò sì sọ pé gbogbo omi tí wọ́n kọ ND sí ló ní òjé. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ má ní. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwé yẹn nìkan ò lè jẹ́rìí sí i. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ààlà ìrí wọn fún òjé, bóyá búláǹkì tó gba gbogbo ọ̀nà ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ "kò tó 0.036" tàbí iyekíye tó bá jẹ́ dípò ND. Tí ààlà ìrí wọn bá ju 0.01 lọ, owó ìdánwò òjé yẹn ò níí ràn yín lọ́wọ́. Tí kàǹga yín bá wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì mọ́tò, ẹ má ṣe torí ND fún ọmọ ní omi ẹ̀ mu, ẹ má sì sọ pé ẹ máa sè é, torí omi ló máa gbẹ lọ, òjé á dúró sínú ìkòkò.