Tí POS bá kọ owó tí àlẹ́ẹ̀tì sì wọlé, ọlọ́jà kọ́ ló kó o

Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan ra ìrẹsì àti òróró ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Bódìjà, ₦18,500 lápapọ̀. Ó ki káàdì bọ POS, ó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ìwé sì jáde: "Declined". Kò pẹ́, àlẹ́ẹ̀tì wọlé pé wọ́n ti yọ ₦18,500. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, owó ti kúrò lọ́dọ̀ mi, ẹ gbé ọjà mi fún mi." Ìyá ọlọ́jà ní òun ò rí kọ́bọ̀. Àwọn tó ń wò wọ́n gbà pé irọ́ ló ń pa.

Kò purọ́. Báńkì tó fún oníbàárà ní káàdì ló fi àlẹ́ẹ̀tì yẹn ránṣẹ́, ohun tó sì ń sọ kò ju pé wọ́n ti yọ owó nínú àkáǹtì rẹ̀ lọ. Kò sọ pé owó dé ibì kankan.

POS béèrè owó, ìbéèrè náà sì gba ọwọ́ àwọn tó ń so báńkì pọ̀ kó tó dé báńkì obìnrin náà. Báńkì yọ owó, ó sì dá èsì padà. Ojú ọ̀nà ni èsì ti há, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. POS dúró títí, àkókò tí wọ́n fún un pé, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ṣeé ṣe. Ọwọ́ báńkì ni owó ṣì wà. Ó yẹ kí POS tún ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá a padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn náà lè há títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dé. Ìdí nìyẹn tí owó ẹnì kan fi ń padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ti ẹlòmíràn ń gba ọjọ́.

Báńkì tirẹ̀ ni kí oníbàárà lọ bá, kì í ṣe báńkì ọlọ́jà. Kó mú ìwé POS dání, nítorí RRN tó wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ní ẹyọ 12, ni wọ́n fi ń wá owó náà. Láti ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ní kí irú ẹjọ́ POS báyìí parí láàárín wákàtí 72. Ọjọ́ 5 ni tẹ́lẹ̀.

Nígbà mìíràn, àwọn tó wà láàárín á ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣeé ṣe, owó á sì bọ́ sínú àkáǹtì ọlọ́jà lẹ́yìn náà, lọ́pọ̀ ìgbà lọ́jọ́ kejì. Tí oníbàárà bá ti san káàṣì, ó ti sanwó lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Síbẹ̀, kí ìyá ọlọ́jà má sáré ka owó lé e lọ́wọ́. Tí oníbàárà bá ti fẹjọ́ sùn, báńkì lè yọ iye yẹn nínú àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù náà, ìyá ọlọ́jà á sì wá san án lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n kọ́kọ́ jọ béèrè lọ́wọ́ báńkì, pẹ̀lú RRN yẹn lọ́wọ́.