Ẹmu kíkan ò ní ṣúgà púpọ̀, àmọ́ ó lè já ṣúgà yín wálẹ̀ lóru

Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó ní àtọ̀gbẹ ní Nyanya, Mararaba títí dé Kubwa níbí ni kò lè fi ẹmu sílẹ̀, wọ́n á ní àwọn kì í ṣáà mu èyí tó dùn, àwọn máa ń dúró dè é kó kan kí ṣúgà ẹ̀ lè kú tán. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́ẹ̀ jóòótọ́, ibi tó sì ti jóòótọ́ yẹn gan-an ló ti ń tan èèyàn.

Omi tó ń jáde lára ọ̀pẹ, ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀ gan-an, ó lè ju gíráàmù 10 lọ nínú mílílítà 100, ọtí ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ẹ̀ rárá. Àmọ́ látinú igbá adẹ́mu ni yíìsì ti ń jẹ ṣúgà yẹn, ó ń sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì, ìdí nìyẹn tí ẹmu fi ń hó tí kẹ́ẹ̀gì sì ń wú. Ooru ló ń jẹ́ kó yá. Ẹ wá wo èyí tí wọ́n dá láàárọ̀ ní Kogi tàbí Benue, tí wọ́n gbé sẹ́yìn mọ́tò nínú oòrùn wá sí Abuja, nígbà tó bá fi máa dalẹ́ agbára ọtí ẹ̀ lè ti tó ìdá 4 tàbí 5 nínú 100, ìyẹn bíà nìyẹn o. Ẹ má sì fi ẹnu díwọ̀n ẹ̀, torí àwọn kan ń bu omi lé e, wọ́n á wá fi sákárínì sí i kó lè dùn padà.

Ṣúgà ti lọ lóòótọ́, ọtí ló rọ́pò ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a ò bá jẹun, pàápàá lóru tí a bá ń sùn. Tí ọtí bá ti wọlé, ẹ̀dọ̀ á kọjú sí ọtí kọ́kọ́, kò ní lè ṣe ṣúgà tuntun dáadáa títí ọtí yẹn á fi tán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní bàbá kan mu líítà kan ààbọ̀, agbára ẹ̀ jẹ́ ìdá 4 nínú 100, gíráàmù ọtí bíi 48 nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ ń rí bíi gíráàmù 7 tàbí 8 palẹ̀ mọ́ ní wákàtí kan, torí náà tí bàbá bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje alẹ́, ó lè di aago kan òru tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀dọ̀ tó gbọwọ́. Bàbá ò jẹ ju ẹran ìgbẹ́ díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ó ti lo Dáonílì ẹ̀ nírọ̀lẹ́, oògùn yẹn sì ń ti ara pé kó máa tú ìnsúlínì jáde, ìnsúlínì ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ò sì rí òmíràn fi dípò. Ó di ìdájí, òógùn bò ó, ara ń gbọ̀n, ó ń sọ ìsọkúsọ, ìyàwó ẹ̀ ní ẹmu ṣì wà lójú ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kó sùn. Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń pàdánù èèyàn! Ẹni tó ti mutí tí ṣúgà ẹ̀ já wálẹ̀ àti ẹni tí ọtí kàn ń pa, ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, mítà tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà ló lè sọ ọ́. Tó bá kéré sí 3.9 mmol/L (tàbí 70 mg/dL), ó ti wálẹ̀ nìyẹn. Tó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní kúúbù ṣúgà mẹ́ta sí mẹ́rin nínú omi, ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kó wá jẹun gidi. Tí kò bá mọ nǹkan mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ọsibítù ló kàn, kí wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára.

Ti ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ tún yàtọ̀. Ọ̀rá ló kọ́kọ́ máa ń kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀, kì í dunni, ó sì lè lọ tó bá dáwọ́ ọtí dúró. Tí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ̀dọ̀ lè wú, àpá á wá máa gbà á, àpá yẹn ni kì í sábà lọ mọ́. Ẹni tó bá ní hẹpatáítíìsì B, tó sì pọ̀ láàárín wa, tiẹ̀ ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀dọ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ojú bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni ní ibà pọ́njú-pọ́njú.

Ní ti inú, ọtí ń bó awọ inú àpòlùkù, ásíìdì tó wà nínú ẹmu kíkan sì ń ta ojú ibi tó ti bó. Ẹni tó ní ọ́sà tó tún ń gbé Ibuprofẹ́ẹ̀nì mì torí ẹ̀yìn ríro, tó wá fi ẹmu lé e, ẹ̀jẹ̀ lè máa jò nínú ẹ̀ láìmọ̀. Ìgbẹ́ ẹ̀ á dúdú bíi ọ̀dà, á sì máa rùn gan-an, kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì kó tó dé ọsibítù.